Ṣé Ó Ti Wọlé?

Ẹ má bi mí pé kí lorúkọ tí bàbá ẹ̀ sọ ọ́. Oníyọ̀ là ń pè é nídìí iṣẹ́ wa, ó sì ti ń jẹ́ ẹ débi pé tẹ́ ẹ bá pe orúkọ àbísọ ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹlòmíì ló máa rò pé ẹ̀ ń pè. Kò ta iyọ̀ rí láyé ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìpolówó ló ń kọ, èmi ni mo sì ń gba ohùn sílẹ̀ ní yàrá kótópó kan tí mo ti fi fóòmù bo gbogbo ara ògiri ẹ̀. Kí n tètè sọ fún yín: mo kórìíra ariwo. Tẹ́ ẹ bá pa ilẹ̀kùn dé gbàà nígbà tí iná pupa mi bá ń tàn, ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ lẹ́nu mi, ẹ ò ní gbàgbé ẹ̀ bọ̀rọ̀.

Ọ̀gá wa ló kó ọ̀rọ̀ iyọ̀ dé. Ọkùnrin náà sanra, ohùn ẹ̀ sì nípọn bí ẹni ń sọ̀rọ̀ látinú àgbá. Gbogbo ẹni tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ mú jókòó tí á sì sọ fún pé, "Ìpolówó tó dáa, ohun mẹ́ta ni: egbò, iyọ̀, òróró. Kọ́kọ́ fi egbò ẹni tó ń gbọ́ ẹ hàn án, ìyẹn ìṣòro tó ń bá a fínra. Lẹ́yìn náà, wọ́n iyọ̀ sí i, kó ta á, kó má baà sọ pé kò burú, òun á fara dà á. Nígbà tó bá ti ń ta á dáadáa, ìgbà yẹn ni kó o gbé òróró jáde." Gbogbo ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ parí láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, torí iye àyè tí oníbàárà rà lórí rédíò nìyẹn. Tó bá fi díẹ̀ lé, wọ́n á gé e lọ́rùn níbi tó bá dé, wọn ò ní wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ọmọ yìí gbọ́ egbò, ó gbọ́ iyọ̀. Òróró ni kò gbọ́.

Àkọ́kọ́ tó kọ, oògùn eku ni. Ẹ gbà mí o! Eku tí ọmọ yìí kọ, èmi tí mo jẹ́ àgbàlagbà, mo gbé ẹsẹ̀ mi kúrò nílẹ̀. Eku náà jẹ bàtà ìyá àgbà, ó jẹ aṣọ ìgbéyàwó, ó gun orí bẹ́ẹ̀dì ọmọ jòjòló. Níbi tí eku ti ń wo etí ọmọ jòjòló ni ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá ti pé. A ò tíì dárúkọ oògùn o! Oníoògùn ní ìpolówó eku la ṣe fún òun, pé àwọn eku ló yẹ kó wá sanwó ẹ̀. Ìkejì, ti tìmùtìmù, ẹ̀yìn ló ń dun gbogbo èèyàn tó wà nínú ẹ̀, wọ́n ń kérora títí a fi parí. Ìkẹta, àgbá omi, n ò fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀. Ẹnì kan fi omi ìdọ̀tí bọ́jú nínú ẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi síbẹ̀.

Bó ṣe di Oníyọ̀ nìyẹn. Inú kì í bí i tá a bá ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó máa ń rẹ́rìn-ín débi tí omi á fi máa bọ́ lójú ẹ̀, á sì tún padà lọ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, á máa dá sọ̀rọ̀, á máa fọwọ́ lu tábìlì láti fi mọ bí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó. Mo fẹ́ràn ọmọ náà, kí n má parọ́. Òun nìkan ló máa ń rọra ti ilẹ̀kùn mi.

Ṣùgbọ́n Ọ̀gá ò fi ẹ̀rín ṣeré. Lẹ́yìn ti àgbá omi, ó pè é, ó ní, "Àbúrò, mo fẹ́ràn ẹ, àmọ́ ìfẹ́ kọ́ ni mo fi ń sanwó ilé. Ìpolówó tó ń bọ̀ yìí, tí oníbàárà ò bá gbà á, ká kí ara wa pé ó dàbọ̀."

Ibi tó sì máa padà sí tí wọ́n bá ní ó dàbọ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Bàbá ẹ̀ ń mọ búlọ́ọ̀kù tà. Ọjọ́ tí ọmọ yìí ti fi ibẹ̀ sílẹ̀ ni bàbá náà ti fi àga kan sílẹ̀ fún un nínú ọ́fíìsì ẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fìdí kàn án. Tí oníbàárà bá fẹ́ jókòó sórí ẹ̀, á ní, "Ẹ má bínú, ó lẹ́ni." Ní gbogbo ìgbà ló sì máa ń pe ọmọ ẹ̀ lórí fóònù. "Ibo lo dé báyìí?" Ìbéèrè ẹ̀ ò ju ìyẹn lọ. Nígbà tó yá, Oníyọ̀ á kàn wo fóònù, á dà á dojú délẹ̀ lórí tábìlì, á jẹ́ kó dún tán.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí kì í gbé e. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni kí n sọ fún wọn? Ṣé kí n ní mo dé ibi tí eku ti ń jẹ bàtà ìyá àgbà?"

Ẹ̀rín pa mí, mo sì tún káàánú ẹ̀.

Ìpolówó tó wá ń bọ̀ yẹn, ti báǹkì ni. Wọ́n ṣe áàpù kan tí èèyàn á máa fi ṣe báǹkì lórí fóònù, Tàtaré lorúkọ ẹ̀. Obìnrin tó wá láti báǹkì náà múra bí ọjọ́ Àìkú, Àǹtí Báǹkì la kàn ń pè é, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Àmọ́ ẹnu ẹ̀ ò gbófo lórí ohun tí áàpù ń ṣe. O lè fi sanwó iná. O lè fi ra káàdì fóònù. O lè fi tọ́jú owó, o lè fi yá owó, ó mọ ìka ọwọ́ ẹ, ó mọ ojú ẹ, ó ní àwọ̀ mẹ́fà tó o lè mú nínú ẹ̀.

Ọ̀gá ní, "Àǹtí, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá ni o, kì í ṣe ọgbọ̀n ọjọ́."

Àǹtí Báǹkì ní òun mọ̀, àmọ́ àwọn ọ̀gá òun fẹ́ gbọ́ gbogbo ẹ̀.

Oníyọ̀ lọ kọ ọ́. Ara ẹ̀ ló ti mú egbò wá lọ́tẹ̀ yìí. Ó lọ ra bàtà sáńdà nílé ìtajà kan, ó fi owó ránṣẹ́ látorí fóònù, obìnrin tó ni ọjà ní òun ò tíì rí i. Ó dúró. Wọ́n ti di sáńdà sínú lailọ́ọ̀nù, obìnrin náà sì di etí lailọ́ọ̀nù mú gírígírí. Ìlà àwọn èèyàn ẹ̀yìn ẹ̀ ń gùn sí i. Ọkùnrin kan pòṣé. Ìyàwó ọkùnrin náà wo Oníyọ̀ látòkè délẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá ń wo gbájúẹ̀. Èwo nínú yín ni irú ẹ̀ ò ṣe rí? Ìgbà tó ka ibẹ̀ sí wa létí, ara ta gbogbo wa. Ọ̀gá pàápàá ní, "Háà, èmi náà! Ní ilé epo!" Egbò yẹn, egbò gidi ni.

Ó wá kan òróró. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé, "Lo Tàtaré! Owó ẹ á wọlé lójú ẹsẹ̀, kò sí pé ò ń dúró mọ́!"

Àǹtí Báǹkì mi orí. Ó ní ìyẹn ò lè ṣeé ṣe. "Ó sábà máa ń yá lóòótọ́, àmọ́ báǹkì tiwa nìkan kọ́ ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Báǹkì ẹni tó ń gbà á náà wà níbẹ̀. Tí ọ̀dọ̀ tiwọn bá falẹ̀, kí la fẹ́ sọ? A ò gbọ́dọ̀ ṣèlérí ohun tí kò sí lọ́wọ́ wa. Àwọn tó ń yẹ ọ̀rọ̀ wò ní báǹkì máa fa igi lé e lórí kó tó kúrò lórí tábìlì wọn."

Ọ̀gá ní kí Oníyọ̀ fi owó iná àti káàdì fóònù sí i nígbà náà. Oníyọ̀ ní, "Ọ̀gá, ẹsẹ̀ la ṣe léṣe, ẹ wá ń fi òróró pa á lórí. Ẹni tó dúró sẹ́nu káńtà tí wọn ò jẹ́ kó gbé sáńdà, kí ló fẹ́ fi owó iná ṣe?" Òótọ́ ló sọ, gbogbo wa la sì mọ̀ pé òótọ́ ni, àmọ́ òótọ́ yẹn ò fún wa ní òróró. Àǹtí Báǹkì gbọ́dọ̀ gbé nǹkan kan lọ fún wọn kí ọ́fíìsì wọn tó tì lọ́jọ́ náà.

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀ràn dé. Ẹ̀rọ amúlétutù ti kọṣẹ́ láti àárọ̀. Ooru mú nínú yàrá mi débi pé àtíkè tó wà lójú Àǹtí Báǹkì ti ń sá kúrò láyè ẹ̀. Mo ní kò burú, ká ṣí fèrèsé, torí a ò tíì gba ohùn sílẹ̀, ìdánrawò lásán la fẹ́ ṣe. Èmi tí mo kórìíra ariwo, èmi náà ni mo fọwọ́ ara mi ṣí i. Ìsàlẹ̀ fèrèsé yẹn gan-an ni ṣọ́ọ̀bù Ìyá Aránṣọ wà, ti onígbàjámọ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. A ò rò ó kàn wọ́n rárá.

Oníyọ̀ ní kí Ọ̀gá ṣe olọ́jà, òun á ṣe oníbàárà. Níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí òróró, egbò àti iyọ̀ nìkan ni wọ́n ń dánra wò, léraléra, bóyá ìyókù á jàjà wá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ti wọlé?"

"Kò tíì wọlé o!"

"Ó mà ti kúrò lọ́dọ̀ mi tipẹ́!"

"Kò tíì dé ọ̀dọ̀ tèmi!"

Ọ̀gá ní kó túbọ̀ fi ìbẹ̀rù sí i. Ó fi ìbẹ̀rù sí i. Àǹtí Báǹkì ní bóyá kó fi ẹkún díẹ̀ kún un. Ó fi ẹkún kún un. Ẹ má wulẹ̀ bi mí, ẹkún ọmọ yìí, òkúta á gbọ́ á jáde wá wò ó. "Ibo ló wà báyìí? Ẹ̀yin èèyàn, ibo ló wà?" Ọ̀gá náà ti gbàgbé pé eré ni, ó ń bú ramúramù látinú àgbá ẹ̀ pé, "Mo ní kò tíì dé ọ̀dọ̀ mi! Kò tíì wọlé!"

Ni mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Kì í ṣe ẹsẹ̀ ẹnì kan. Kí n tó lanu, ilẹ̀kùn mi fò gbàà, Ìyá Aránṣọ ló já wọlé, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, abẹ́rẹ́ ṣì wà láàárín ètè ẹ̀. Ó tu abẹ́rẹ́ sọ́wọ́.

"Ta ni kò tíì wọlé?"

Onígbàjámọ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀, ó di ẹ̀rọ ìfárí mú. Oníbàárà tó ń fá lórí lọ́wọ́ tẹ̀ lé e, apá kan orí ẹ̀ ń dán, apá kejì ṣì ní irun rẹpẹtẹ, aṣọ funfun tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn.

"Ẹ dáhùn!" Ìyá Aránṣọ di Oníyọ̀ lápá mú. "Ọmọ ọdún mélòó ni? Kí ló wọ̀? Ìgbà wo ló kúrò lọ́dọ̀ ẹ? Mo ti ní kí wọ́n ti géètì. Ìwọ," ó nawọ́ sí Ọ̀gá, "ìwọ àgbàyà yìí, ọmọ ẹ̀ ò dé, o tún ń jágbe mọ́ ọn!"

Oníyọ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. "Mà," ó ní, "owó ni."

"Owó kẹ̀? Owó lọmọ náà ń jẹ́?"

"Kì í ṣe ọmọ, mà. Owó. Owó ni kò tíì wọlé. Ìpolówó là ń ṣe."

Mo ti rí ẹni tẹ́nu yà láyé mi, àmọ́ n ò tíì rí irú ti Ìyá Aránṣọ yẹn. Ó wo Oníyọ̀. Ó wo Ọ̀gá. Ó wo gbogbo fóòmù ara ògiri mi. Ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí àpò gaàrí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú. A ò mọ̀ bóyá ẹkún ló fẹ́ sun. Ẹ̀rín ló bú jáde lẹ́nu ẹ̀, tòun ti èébú.

"Olè ni yín! Ẹ̀yin ará ibí yìí, ẹ ò ní ríre! Ẹ mú kí n fi búláòsì ìyàwó tí mò ń rán sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ! Mo ti ránṣẹ́ sí géètì! Mo ti ń pe Ọlọ́run!"

Onígbàjámọ̀ dì mọ́ férémù ilẹ̀kùn, ó ń rín. Oníbàárà ẹ̀ ní, "Ẹ má bínú, ṣé kò sẹ́ni tó sọnù?" A ní rárá. Ó ní, "Ọlọ́run ṣeun o," ó fọwọ́ pa orí, ó kan ibi tí irun ti tán, ó sì rántí ara ẹ̀. Ọ̀nà tó gbà figbe ta, àwa ò lè rẹ́rìn-ín dúró mọ́. Àǹtí Báǹkì fi orí lé tábìlì mi, èjìká ẹ̀ ń mì. Àní mo gbàgbé láti bínú nítorí ilẹ̀kùn.

Ìgbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀ díẹ̀, Ìyá Aránṣọ nu ojú ẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣẹ̀ mí o. Ọkàn mi ti fò lọ. Ẹ wò ó, kí nǹkan pẹ́ kọ́ ló ń pààyàn. Bó bá pẹ́, á dé. Pé n ò mọ ibi tó wà, ìyẹn ló mú mi sáré gun àtẹ̀gùn pẹ̀lú orúnkún tí n ò fi lè kúnlẹ̀ yìí. Ká ní ẹnì kan sọ pé ó wà níbi báyìí, ó ń bọ̀, ẹ̀rọ mi ni mo máa tẹ̀ lọ."

Kò sẹ́ni tó kọbi ara sí i, a ṣì ń rín. Oníyọ̀ nìkan ló fetí sí i. Mo rí i pé ọwọ́ ẹ̀ ti ń lu tábìlì.

"Àǹtí," ó yíjú sí Àǹtí Báǹkì, "áàpù yìí, tí mo bá ti fi owó ránṣẹ́, ṣé ó lè sọ ibi tó dé fún mi?"

Àǹtí Báǹkì gbé orí sókè. "Ó ń sọ ọ́ o. Tó bá ti kúrò lọ́dọ̀ ẹ, á sọ fún ẹ. Tó bá ṣì wà lọ́nà, á sọ. Tí báǹkì kejì bá ti gbà á wọlé, á sọ ìyẹn náà. O tiẹ̀ lè fi han ẹni tó o fi ránṣẹ́ sí. Ṣùgbọ́n ohun kékeré nìyẹn, a ò kà á kún."

"Ohun kékeré?" Oníyọ̀ ti dìde. "Ohun kékeré! Ìyá Aránṣọ, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń pè ní ohun kékeré? Àǹtí, ṣé dídúró tó ń dúró ló ń ta á ni? Rárá! Pé kò mọ ibi tí owó ẹ̀ wà ni! Egbò kan, iyọ̀ kan, òróró kan!" Ó ti gbá kọ̀ǹpútà mú. Ó ń tẹ̀, ó ń ka ohun tó ń tẹ̀ sókè, ó ń fọwọ́ òsì lu tábìlì, ó ń pa á rẹ́, ó ń tún un tẹ̀. Mo gbé aago mi síwájú. Ìgbà àkọ́kọ́ tó kà á, ó gùn jù. Ó yọ ọkùnrin tó pòṣé. Ó ṣì gùn. Ó yọ ìyàwó ọkùnrin náà, ó fi ẹnì kan tó ń wo bàtà rọ́pò ẹ̀. Iyọ̀ ló ń gé o! Oníyọ̀ ló ń gé iyọ̀ kúrò kó lè ráàyè fún òróró! Ọ̀gá di ọwọ́ mọ́ àyà.

Àǹtí Báǹkì ní, "Ṣé a ò lè fi ti owó yíyá sí ìparí ẹ̀ ni?"

"Rárá!" Gbogbo wa la pariwo, títí kan ẹni tí wọ́n fá orí ẹ̀ dé ìdajì.

Mo ti fèrèsé. Mo ní kí Ìyá Aránṣọ má mí. Iná pupa tàn. Ohun tí a gbà sílẹ̀ rèé, Ọ̀gá ló ṣe olọ́jà, Oníyọ̀ ló sọ ìyókù, ẹ fọkàn bá mi gbọ́ ohùn wọn:

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ti wọlé?"

"Kò tíì wọlé o."

"Ó mà ti kúrò lọ́dọ̀ mi!"

"Kò tíì dé ọ̀dọ̀ tèmi."

"Ọjà wà níwájú ẹ, o ò lè gbé e. Owó ti lọ, o ò mọ ibi tó wà. Àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ ń pòṣé. Ẹnì kan ti ń wo bàtà ẹ. Ó yá, ṣí Tàtaré. Wàá rí ibi tí owó ẹ dé: ó ti kúrò, ó wà lọ́nà, ó ti wọlé. Fi han ẹni tó ni ọjà, kí ọkàn ẹ̀yin méjèèjì balẹ̀."

"Háà! Ó ti wọlé!"

"Tàtaré. Gbé e sórí fóònù ẹ lónìí."

Mo wo aago. Ó wọ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ bàtà tó bá a mu. Kò sí ìlérí èké kan nínú ẹ̀. A ò ní owó á yá, a ò ní kò ní pẹ́. A ní wàá mọ ibi tó wà, ohun tí áàpù náà sì ń ṣe nìyẹn. Ìyá Aránṣọ mí. Ó ní, "Ẹ tún un gbé sí i." Mo tún un gbé sí i. Níbi tí Ọ̀gá ti ní "Ó ti wọlé," obìnrin náà pàtẹ́wọ́ bí ẹni pé òun ló bí owó náà.

Àǹtí Báǹkì gbé e lọ. Ọjọ́ kejì, a jókòó, a ò lè ṣiṣẹ́ kankan. Oníyọ̀ ò jẹun. Ó ti tú dúrọ́ọ̀ ẹ̀ palẹ̀, ó ti di kọ́ọ̀bù tó fi ń mu tíì sínú bébà. Inú bí mi sí i. Mo ní, "Ta ló ní kó o di kọ́ọ̀bù? Gbé e síbi tó wà!" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí wọn ò bá gbà á, ẹkún ò ní jẹ́ kí n rí i dì." Mo bá a tú bébà náà kúrò, kọ́ọ̀bù bọ́, etí ẹ̀ kán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká sọ ìyẹn.

Ọ̀sán ni fóònù Ọ̀gá dún. Ó gbọ́ títí, ó ń ní "bẹ́ẹ̀ ni mà, bẹ́ẹ̀ ni mà." Ó gbé fóònù kúrò létí. Ó wo Oníyọ̀ bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ó ní, "Àbúrò." Oníyọ̀ dìde dúró. Ọ̀gá fi ohùn àgbá ẹ̀ ní, "Ó ti wọlé!"

Ẹ̀yin èèyàn mi! Oníyọ̀ fò mọ́ mi, mo fò mọ́ Ọ̀gá, Ọ̀gá ò ní ẹni tó máa fò mọ́, ló bá fò sórí àga, àga sì ṣẹ́. Ìyá Aránṣọ pariwo láti ìsàlẹ̀ pé, "Ṣé ó ti wọlé?" A ní, "Ó ti wọlé o!" Onígbàjámọ̀ fi súfèé sí i. N ò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ariwo lọ́jọ́ yẹn.

Òwúrọ̀ tí wọ́n máa kọ́kọ́ gbé e sáfẹ́fẹ́, a gbé rédíò sáàárín tábìlì, gbogbo wa yí i ká. Oníyọ̀ ò sọ fún bàbá ẹ̀. Ó ní kó kọ́kọ́ jáde ná. Ló bá bẹ̀rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ti wọlé?" Ohùn ẹ̀ jáde bí agogo. Kò tíì dé ibi iyọ̀ tán tí fóònù ẹ̀ fi dún. Bàbá ẹ̀ ni. Inú ẹ̀ ń dùn, kò dà á dojú délẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó gbé e, ó sì tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wa lè máa gbọ́.

"Ilé ìtajà wo lo wà?" Bàbá ń jágbe, ẹ̀rọ tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ń hó lẹ́yìn ẹ̀. "Mo gbọ́ ohùn ẹ lórí rédíò! Ta ni ò jẹ́ kó o gbé ẹrù ẹ? Má sunkún, mò ń bọ̀! Ibo lo wà?"

A fẹ́ rín, Oníyọ̀ fọwọ́ dá wa dúró. Rédíò wa ń sọ̀rọ̀, ti bàbá náà ń sọ̀rọ̀ nínú fóònù, gbólóhùn kan náà: ó ti kúrò, ó wà lọ́nà, ó ti wọlé. Fi han ẹni tó ni ọjà. Háà! Ó ti wọlé!

Bàbá kígbe sí ẹnì kan pé kó pa ẹ̀rọ. Ibẹ̀ pa lọ́lọ́.

"Ìpolówó ni?"

"Ìpolówó ni, Bàbá. Èmi ni mo kọ ọ́. Wọ́n ti gbà á. Wọ́n ti gbà mí síṣẹ́ pátápátá."

A gbọ́ tó wọ́ nǹkan nílẹ̀, ariwo ẹsẹ̀ àga lórí sìmẹ́ńtì. Ó ní, "Ó dáa. Àga ẹ tó wà níbí, mo ti jókòó sórí ẹ̀ báyìí."

Oníyọ̀ ń rẹ́rìn-ín, omijé ti gba ojú ẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Mo pẹ́ jù."

"Ta ló sọ pé o pẹ́?" Ohùn bàbá ti rọ̀. "Ṣé mo bi ẹ́ rí pé kí ló dé tó o pẹ́? Ibo lo dé ni mo ń bi ẹ́. Tó o bá ní o ṣì wà lọ́nà, ṣebí màá sùn."

N ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ wo ibòmíì nínú wa. Ọ̀gá ń wá nǹkan lábẹ́ tábìlì, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan tó bọ́ sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, Oníyọ̀ ló ń pe bàbá ẹ̀. Tó bá ṣe egbò tán, á pè é. Tó bá wọ́n iyọ̀, á pè é. "Bàbá, mo wà lọ́nà." Ìgbà míì, inú yàrá mi níbí ló ti máa ń pè é, iná pupa ń tàn, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn mi bí ẹni pé máìkì mi dití. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀ nínú ẹ̀rọ ìgbọ́hùn tí mo fi sétí. Mo máa ń dúró kó parí, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú u.